Ooru àti bátìrì kámẹ́rà: má kó o pamọ́ ní kíkún

"Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́. Látìgbà tí ooru ti mú, bátìrì kámẹ́rà mi kì í pẹ́ mọ́ kó tó tán. Ṣé ooru ló ń fà á? Ṣé kí n máa kó wọn sínú fíríìjì nígbà tí mi ò bá lò wọ́n?"

Àbúrò, ooru ni, àmọ́ má wo ooru ọjọ́ tí o ń ya fọ́tò nìkan. Èyí tó ti ń jẹ bátìrì náà níbi tí o kó o sí ló burú jù. Òtútù máa ń jẹ́ kí bátìrì lítíọ́mù dà bíi pé ó ti tán, tó bá sì tún lọ́ wọ́ọ́rọ́, iná rẹ̀ á padà. Ooru kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ńṣe ló ń dín àyè tí iná ń gbé nínú bátìrì kù díẹ̀díẹ̀, èyí tó bá sì ti lọ, kò sí ṣájà tó lè dá a padà.

Ojú mi rí nǹkan lórí ọ̀rọ̀ yìí. Níbi ìgbéyàwó kan, ojú kámẹ́rà mi ń sọ pé iná tó kù lé ní ìdajì. Bí mo ṣe tẹ fídíò báyìí, ó kú. Mo tún un tàn, ó tún fi iná ìdajì hàn, mo tẹ fídíò, ó tún kú. Ìyá ìyàwó ń wo ojú mi, àwọn ẹbí ń dúró. Mo gbé kámẹ́rà náà lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń pe ara wọn ní ọ̀jọ̀gbọ́n nínú àtúnṣe, wọ́n ní bọ́ọ̀dù inú rẹ̀ ló ń jẹ iná. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n ní kí n sanwó àyẹ̀wò, wọ́n fi mí sínú "ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀" títí ó fi sú mi, wọ́n sì dá a padà bó ṣe wà. Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó béèrè ibi tí àwọn bátìrì mi ń gbé. Ìbéèrè yẹn nìkan ì bá ti yanjú ẹ̀, inú sì ń bí mi sí i títí dòní.

Gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa ta bọ́ọ̀dù fún ọ. Bí bátìrì bá ti gbó nínú ooru, iná kì í rọrùn fún un láti tú jáde mọ́. Fọ́tò kan lẹ́ẹ̀kan kò fa iná púpọ̀, ó lè gbé ìyẹn. Fídíò, tàbí yíyà léraléra, máa ń fa iná gan-an, fọ́ltì rẹ̀ á já wálẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kámẹ́rà á rò pé ó ti tán, á sì pa ara rẹ̀. Tí o bá jẹ́ kó sinmi díẹ̀, fọ́ltì náà á gòkè padà, ìdí nìyẹn tó fi tún ń sọ fún ọ pé ìdajì ṣì kù. Kámẹ́rà tó ń kú tó sì ń jí báyìí, bátìrì rẹ ni kó o kọ́kọ́ fura sí.

Bátìrì méjì irú kan náà ló là mí lójú. Ọ̀kan máa ń kún fọ́fọ́ nínú kámẹ́rà, nínú báàgì, nínú mọ́tò. Èkejì, ẹnì kan yá a, ó sì ń gbé inú dúrọ́ọ̀ rẹ̀. Mo ṣáàjì méjèèjì kún, mo jẹ́ kí wọ́n tutù, mo fi wọ́n sínú kámẹ́rà kan náà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo tẹ fídíò lábẹ́ ibòji láìyí nǹkan kan padà. Èyí tó wà nínú dúrọ́ọ̀ gba ìṣẹ́jú 90 kó tó kú. Tinú mọ́tò gba ìṣẹ́jú 50. Kámẹ́rà náà kò ní àìsàn kankan. Ìwọ náà ṣe é bẹ́ẹ̀, kò gba owó. Tí Canon lo ń lò, wo `Recharge performance` nínú mẹ́nù bátìrì: àmì mẹ́ta aláwọ̀ ewé túmọ̀ sí pé ó dáa, àmì pupa túmọ̀ sí pé ó ti ń lọ. Nikon ní tirẹ̀ ń kọ `Battery age`, láti 0 dé 4, 4 ni ìgbẹ̀yìn. Kì í ṣe gbogbo kámẹ́rà ló ní i.

Ohun tí àwọn tó ń tajà kì í sọ ni pé ooru nìkan kọ́ ló ń pa á: ooru pẹ̀lú iná kíkún ni. Ẹni tó tà á fún mi ní kí n máa ṣáàjì wọn kún kí n tó kó wọn pamọ́, ìmọ̀ràn tó burú jù tí mo tíì gbà nìyẹn. Bátìrì lítíọ́mù tó kún, tó sì wà ní nǹkan bíi dígírì 40 fún ọdún kan, lè pàdánù nǹkan bí ìdá 35 nínú 100. Tó bá jẹ́ pé ìdajì tàbí díẹ̀ sísàlẹ̀ ni iná rẹ̀, nínú ooru kan náà, ó lè máà ju ìdá 15 lọ. Inú mọ́tò tí wọ́n tì sínú oòrùn sì máa ń kọjá dígírì 50 láìpẹ́.

Nítorí náà, tí o kò bá ní lò ó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, jẹ́ kó wà láàárín ìdá 40 sí 60. Yọ ọ́ kúrò nínú kámẹ́rà, torí kámẹ́rà tó kú pàápàá máa ń fa iná díẹ̀díẹ̀. Fi ìdérí rẹ̀ bo ẹnu irin rẹ̀, kí kọ́kọ́rọ́ tàbí owó idẹ má bàa kàn án. Yàrá tó tutù jù nínú ilé ló yẹ ẹ́, kì í ṣe orí fèrèsé, kì í ṣe ẹ̀bá ẹ̀rọ tó ń gbóná. Wò ó lẹ́yìn oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, kí o sì dá a padà sí ìdajì. Má ṣe fi í sílẹ̀ ní òfo ṣá o. Tí fọ́ltì rẹ̀ bá jábọ́ jù, ṣájà á kọ̀ ọ́. Àwọn kan á ní àwọn á fi wáyà ta á jí. Má jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án, torí irú bátìrì bẹ́ẹ̀ lè gbiná nígbà tí wọ́n bá ń ṣáàjì rẹ̀.

Tó o bá ti inú oòrùn dé, jẹ́ kó tutù kó o tó gbé e sórí ṣájà. Tó bá ti wú, tó há sínú kámẹ́rà, má fi ọ̀bẹ yọ ọ́, má sì gún un. Tèmi há bẹ́ẹ̀ rí, ẹni tó fẹ́ fi ìbínú fà á yọ fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ ilé bátìrì náà. Kó o gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń gba bátìrì tó bàjẹ́, má dà á mọ́ pàǹtí ilé.

Ní ti fíríìjì: kò pọn dandan, tí yàrá rẹ kò bá ti kọjá dígírì 25 nígbà púpọ̀. Tó bá ń kọjá, o lè lò ó, àmọ́ kì í ṣe fíríìsà. Fi bátìrì náà sínú ọ̀rá tó dì dáadáa kó o tó gbé e wọlé. Nígbà tí o bá mú un jáde, má tú ọ̀rá náà títí á fi lọ́ wọ́ọ́rọ́ bíi yàrá, nǹkan bíi wákàtí mélòó kan, torí omi á sẹ̀ sára rẹ̀ tí o bá kánjú. Lẹ́yìn náà ni kó o ṣáàjì rẹ̀ kún, ní alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ iṣẹ́.