Ẹ̀jẹ̀ tó yọ lẹ́yìn tí màlúù wá akọ, àti wákàtí tó yẹ kó gba àtọ̀

*Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Màlúù 7 ni mo ń fún wàrà wọn ní agbègbè Ìṣẹ́yìn, àdàlù Bùnájì àti Fírísíà ni wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn ti gba àtọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kò lóyún. Ní aago 7 àárọ̀ ọjọ́ 10 oṣù Júùnù, a rí i tó ń gun àwọn yòókù, a pe ẹni tó ń fi àtọ̀ sí i, ó sì dé ní nǹkan bí aago 1 ọ̀sán ọjọ́ kejì. Lọ́jọ́ 12, ẹ̀jẹ̀ yọ lójú ara rẹ̀. Ṣé oyún ló bàjẹ́ ni?*

Rárá o, kì í ṣe oyún ló bàjẹ́. Oyún ọjọ́ kan kò tíì lẹ́jẹ̀ tí yóò dà. Bí màlúù bá wá akọ tán, ara ilé-ọmọ tó ti wú máa ń ya ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ náà á sì jáde ní bí ọjọ́ kan sí mẹ́ta lẹ́yìn náà. Ó ń ṣẹlẹ̀ sí èyí tó gba àtọ̀ àti èyí tí kò gbà á, ó ń ṣẹlẹ̀ sí èyí tó lóyún àti èyí tí kò lóyún. Ohun tí ẹ̀jẹ̀ yẹn ń sọ fún yín ni pé àkókò ti kọjá. Bí ẹ bá wá fi ọjọ́ rẹ̀ wé wákàtí tí ẹ dárúkọ, ó jọ pé àtọ̀ náà pẹ́ kó tó dé ibẹ̀.

Àmì tí ẹ rí ló kọ́kọ́ ṣì yín lọ́nà. Màlúù tó ń gun ẹlòmíràn lè jẹ́ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa wá akọ, ó lè jẹ́ èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀, ó sì lè jẹ́ èyí tó ti ń parí rẹ̀ lọ. Kódà èyí tó lóyún a máa gun ẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà mìíràn. Èyí tí ẹ ó wò ni èyí tí wọ́n ń gùn tí kò sì sá. Bí ẹlòmíràn bá gùn ún, tó dúró gbọin-gbọin, tí kò yí ìdí kúrò, tí kò sáré síwájú, òun gan-an ló ń wá akọ. Wákàtí tó kọ́kọ́ dúró bẹ́ẹ̀ lẹ ó ti máa ka aago.

Àwọn àmì yòókù ń ran èyí lọ́wọ́, wọn ò lè gba ipò rẹ̀. Ojú ara á wú, á pọ́n. Omi tó mọ́ gaara, tó ń fà bí omi ilá, á rọ̀ láti ibẹ̀, nígbà mìíràn á lẹ̀ mọ́ ìrù tàbí itan. Ara rẹ̀ ò ní balẹ̀, á máa ké, á máa gbé àgbọ̀n lé ìdí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, wàrà rẹ̀ sì lè dín kù lọ́jọ́ náà. Bí omi náà bá dúdú tàbí ó funfun bí ọyún, tó ń rùn, àìsàn ilé-ọmọ nìyẹn, kí wọ́n má fi àtọ̀ sí i rárá títí dókítà ẹran yóò fi tọ́jú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá ka wákàtí rẹ̀. Láti ìgbà tí màlúù bá ti kọ́kọ́ dúró fún gígùn, nǹkan bí wákàtí 28 ni ẹyin yóò fi já kúrò ní ilé rẹ̀. Bó bá já tán, kò ju wákàtí 6 sí 12 lọ tí yóò fi lágbára láti di oyún. Àtọ̀ ní tirẹ̀ nílò bíi wákàtí 6 sí 8 nínú ilé-ọmọ kó tó rìn débi tó ń lọ, kí ó sì tó ṣetán. Àtọ̀ tó ti wà nínú yìnyín rí kì í sábà lo ju ọjọ́ kan lọ kó tó kú. Iṣẹ́ wa ni pé kí àtọ̀ tó ti ṣetán máa dúró de ẹyin. Ẹyin kò lè dúró de àtọ̀.

Ó ṣeé ṣe kí tiyín ti bẹ̀rẹ̀ ní òru, ká ní aago 10 alẹ́ ọjọ́ 9, torí àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ Bùnájì lára fẹ́ràn òru àti ìdájí fún un, kì í sì í pẹ́ lára wọn. Ẹyin á ti já ní nǹkan bí aago 2 òru ọjọ́ 11. Aago 1 ọ̀sán tí àtọ̀ fi dé, ẹyin ti lo wákàtí 11 níta, àtọ̀ sì ṣì ń fẹ́ wákàtí 6 sí i. Ká tiẹ̀ ní aago 7 àárọ̀ gan-an ló bẹ̀rẹ̀, ẹyin á já ní aago 11 òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Aago 7 alẹ́ ni àtọ̀ á ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣetán, ẹyin á sì ti lo wákàtí 8. Lójú mi, èyí tó sàn jù nínú méjèèjì pàápàá kò dára tó.

Nítorí náà, èyí tí ẹ bá rí tó dúró ní ìdájí, kó gba àtọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà. Èyí tó dúró ní ìrọ̀lẹ́ tàbí alẹ́, kó gbà á ní kùtùkùtù ọjọ́ kejì. Wákàtí 4 sí 16 láti ìgbà tó kọ́kọ́ dúró ló dára jù. Bí ẹni tó ń fi àtọ̀ sí i kò bá lè wá nírọ̀lẹ́, kó wá lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó sàn ju ọ̀sán ọjọ́ kejì lọ. Ẹ má sì ní kó sáré fi í sí i lójú ẹsẹ̀ tí ẹ bá rí i ní ìbẹ̀rẹ̀, torí àtọ̀ lè kú kí ẹyin tó já.

Gbogbo èyí dúró lórí pé ẹ rí i lásìkò. Ẹ máa wò wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan: aago 5 àbọ̀ ìdájí kí ẹ tó fún wàrà, ìrọ̀lẹ́ tí oòrùn bá ti rọ̀, àti nǹkan bí aago 9 sí 10 alẹ́. Kì í ṣe ìgbà tí wọ́n ń jẹun, nítorí ẹnu ni ọkàn wọn máa wà nígbà náà. Bí ẹ bá ń so wọ́n mọ́lẹ̀, ẹ tú wọn sílẹ̀ fún ìwọ̀n àkókò yẹn, sórí ilẹ̀ tàbí koríko. Sìmẹ́ǹtì tó ń yọ̀ máa ń bà wọ́n lẹ́rù, wọn ò ní gun ara wọn. Ẹ tún lè fi ṣọ́ọ̀kì pupa tàbí búlúù kun orí ìdí ìrù, ibi egungun ẹ̀yìn, ní gígùn bí àtẹ́lẹwọ́. Bí wọ́n bá gùn ún lóru, àwọ̀ náà á ti pa rẹ́ tàbí kó fọ́n ká, irun ibẹ̀ á sì dàrú. Ẹ mọ̀ pé igi àti ògiri náà lè pa á rẹ́, nítorí náà ẹ wá omi ojú ara náà pẹ̀lú.

Ẹ̀jẹ̀ tí ẹ rí yẹn wúlò fún yín. Láti ọjọ́ tí màlúù bá wá akọ dé èkejì, ọjọ́ 21 ni, ó lè jẹ́ 18, ó lè tó 24. Ẹ ka a láti ọjọ́ 10 oṣù Júùnù, yóò bọ́ sí nǹkan bí ọjọ́ 1 oṣù Júláì. Láti ọjọ́ 28 oṣù Júùnù títí di ọjọ́ 4 oṣù Júláì, ojú yín kò gbọdọ̀ kúrò lára rẹ̀. Bí ó bá tún dúró fún gígùn, kí dókítà kọ́kọ́ fọwọ́ wo ilé-ọmọ rẹ̀, nítorí ìgbà mẹ́ta ti kọjá, ó sì yẹ ká mọ̀ bóyá àrùn wà níbẹ̀. Ìdí kejì ni pé àwọn díẹ̀ tó lóyún a máa dúró fún gígùn. Bí irin tí a fi ń fi àtọ̀ sí i bá gba ọrùn ilé-ọmọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ kọjá, oyún náà lè bọ́. Bí ọjọ́ 24 bá kọjá lẹ́yìn tó gba àtọ̀ láìsí àmì kankan, kí dókítà yẹ oyún wò nígbà tó bá pé ọjọ́ 35 sí 40 tó ti gbà á.