Iye owó ọjà tí a tà nígbà tí owó ìrajà gòkè láàárín oṣù

Ìbéèrè: Ìrẹsì ni mò ń tà. Àpò 10 ló wà nílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ oṣù, ₦70,000 ni mo ra ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ra 20 ní ₦74,000, mo tún ra 20 ní ₦80,000. Mo ta 35. Èló ni iye owó ọjà tí mo tà, tó bá jẹ́ pé èyí tó kọ́kọ́ wọlé ló ń kọ́kọ́ jáde?

Ìdáhùn: ₦2,580,000 ni. Àpò 10 ti tẹ́lẹ̀ ló kọ́kọ́ jáde, ₦700,000. 20 tó tẹ̀ lé e jẹ́ ₦1,480,000. Ó wá ku 5 kí 35 tó pé, inú èyí tí ẹ rà kẹ́yìn lẹ ó ti mú un: ₦400,000.

Ẹ fi ọjà tó kù yẹ̀ ẹ́ wò. Àpò 15 ní ₦80,000 jẹ́ ₦1,200,000. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ₦3,780,000 tí gbogbo ọjà náà jẹ́. Bí kò bá ku ₦2,580,000, àṣìṣe wà níbì kan.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ná gbogbo èrè tí ìwé bá fi hàn. Bí ẹ bá fẹ́ ra àpò 35 mìíràn ní ₦80,000, ₦2,800,000 lẹ ó san, ìyẹn fi ₦220,000 ju iye tí ẹ kọ sílẹ̀ lọ. Bí ẹ bá san owó ọkọ̀ tó gbé ìrẹsì náà dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ fi kún iye tí ẹ rà á kí ẹ tó ṣírò.