Èsì: Ṣé owó káàṣì-áòtù yìí péye?

"Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo fi ₦1,000 ta ófà 2.5, pé góòlù á tó mẹ́ta, ní ọ́ọ̀dì 3.00. Góòlù méjì ti wọlé, ₦1,650 ni wọ́n ní kí n gbà kí géèmù tó parí. Ṣé wọn ò rẹ́ mi jẹ?"

Àbúrò, wọ́n rẹ́ ọ jẹ. Ká ní ófà ti di 1.50 báyìí, tí ọ́ńdà, ìyẹn pé góòlù ò ní tó mẹ́ta, wà ní 2.50. Fi 1.50 pín 1, ó jẹ́ 0.667, fi 2.50 pín 1, ó jẹ́ 0.40. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 1.067, èyí tó lé lórí 1 yẹn sì ni èrè ilé tẹ́tẹ́. Fi 1.067 pín 0.667, wàá rí 0.625. Tó o bá wá sọ ₦3,000 tó o máa gbà tí ófà bá wọlé di ìlọ́po 0.625, ₦1,875 ni tíkẹ́ẹ̀tì rẹ tó gan-an. ₦225 ni wọ́n gé, lẹ́yìn èrè tí wọ́n ti kó sínú ọ́ọ̀dì àkọ́kọ́.

Èmi, ní sẹ́ńtà tí mo ti ń wo bọ́ọ̀lù l'Ádó, ọ́ńdà ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Ta á ní ₦1,200: èyí tó wù kó wọlé, ₦3,000 ni wàá gbà. Yọ ₦1,200 kúrò, ó ku ₦1,800. Àmọ́ tí ọ́ọ̀dì bá yí kó o tó tẹ̀ ẹ́, ìṣirò náà bàjẹ́.

Tíkẹ́ẹ̀tì onígéèmù púpọ̀ ló máa ń burú jù, torí gígé ti géèmù kọ̀ọ̀kan tó kù ń gorí ara wọn.