Bí A Ṣe Ń Kọ Ìṣirò Ọjà Sínú Ìwé Ètò Òwò

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, mo fẹ́ yá owó láti máa pín ẹyin fún àwọn ìsọ̀ ní Mọ́níyà, n'Íbàdàn. Báwo ni kí n ṣe kọ apá tó dá lórí ọjà, tí ayánilówó yóò fi gbà á gbọ́?"

Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí iye ènìyàn tó ń gbé Ìbàdàn. Mo ti jókòó níwájú àwọn ayánilówó, ohun tí wọ́n sì kọ́kọ́ ń bi mí ni ibi tí mo ti rí iye tí mo kọ. Ọdún 2006 ni ìkànìyàn tó kẹ́yìn ní Nàìjíríà wáyé, nígbà tí rélùwéè tuntun tó ń ti Èkó bọ̀ ní Mọ́níyà kò tíì sí rárá. Bí ẹ bá mú iye ti ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé láti inú rẹ̀, ẹ kọ ọdún náà sí i, kí ẹ sì sọ gbangba pé ẹ̀yin lẹ fi àfikún lé e, àti ìdí tí àfikún náà fi tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ẹ fi ojú ara yín kà ló máa ń gbe ìwé yìí jù. Ẹ rìn láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, kí ẹ béèrè pé, "Ẹ kú ọjà o. Kíréètì ẹyin mélòó lẹ rà lọ́sẹ̀ tó kọjá, èló sì ni?" Bí ẹ bá béèrè iye tí wọ́n máa ń tà, ọ̀sẹ̀ tí ọjà yá jù ni wọn yóò rántí. Ẹ wo kíréètì òfìfo tó wà lẹ́yìn ìsọ̀ pẹ̀lú, nítorí ó máa ń fi hàn bóyá ìdáhùn náà sún mọ́ òótọ́.

Ká sọ pé ìsọ̀ 60 lẹ kà, tí 40 dá yín lóhùn, tí àròpọ̀ tiwọn sì jẹ́ kíréètì 200 lọ́sẹ̀. Ìyẹn jẹ́ 5 fún ìsọ̀ kan. Bí ẹ bá fún àwọn 20 yòókù ní 5 kọ̀ọ̀kan, tí gbogbo rẹ̀ di 300, ẹ kọ ọ́ pé àbá yín nìyẹn, kì í ṣe ohun tí ẹ kà. Bí àwọn búkà bá ń ra ẹyin lọ́wọ́ àwọn ìsọ̀ yìí kan náà, ẹ má tún kà wọ́n mọ́, kí ẹyin kan má baà di méjì nínú ìwé. Bí ó bá sì jẹ́ oṣù Kejìlá lẹ kà á, ẹ sọ bẹ́ẹ̀, torí ìgbà ọdún ni.

Àbá tó wúwo jù ni iye ìsọ̀ tí yóò fi ẹni tó ń gbé ẹyin wá fún wọn tẹ́lẹ̀ sílẹ̀ wá bá yín. Bí ẹ bá kọ ìdá kan nínú márùn-ún, tó jẹ́ kíréètì 60, ẹ fi ẹ̀rí tì í: àwọn ìsọ̀ mélòó ló ní ẹni tó ń gbé ẹyin wá fún wọn máa ń já wọn kulẹ̀? Ọ̀rọ̀ ẹnu kì í ṣe owó, nítorí náà ẹ tún un ṣírò pẹ̀lú ìdajì rẹ̀, ìyẹn kíréètì 30 lọ́sẹ̀. Bí èrè oṣù kan lórí 30 yìí kò bá lè san owó ọkọ̀ àti gbèsè oṣooṣù, owó tí ẹ fẹ́ yá ti pọ̀ jù. Ẹ dín in kù kí ẹ tó gbé ìwé náà lọ.