Ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ ọkọ níbi ayẹyẹ ọdún 35 ní Ìkòròdú

Oṣù Kejìlá la máa lọ ṣe ayẹyẹ ọdún 35 ìgbéyàwó wa ní Ìkòròdú. Láti 1997 sí 2000, èmi nìkan ni mo wà lókè òkun níbí. Ìyàwó mi ń ta aṣọ ní Ṣábọ̀, ó ń fi bọ́ ọmọ méjì. Nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi ní 2009, iṣẹ́ alẹ́ tirẹ̀ la fi jẹun. Lẹ́yìn ìyẹn, díẹ̀ ló kù ká kọ ara wa sílẹ̀. Mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láìtú àṣírí ilé. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni wọ́n fún mi. Kí ni kí n sọ, kí ni kí n fi sílẹ̀? Àwọn ọmọ wa ò sì fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ Yorùbá.

Bàbá Ṣẹ́gun, ẹ kú ìmúra o. Ìṣẹ́jú mẹ́ta yẹn, ẹ kà á sí méjì, torí ìlù àti àtẹ́wọ́ ló máa jẹ ìyókù. Ẹ má kọ ju ọ̀rọ̀ 220 lọ. Ìkíni ló sábà ń run àkókò: ẹni tó bá ń dárúkọ èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan á gbàgbé ẹnì kan, onítọ̀hún á sì bínú. Bí Kábíyèsí Ayangburẹn tàbí aṣojú wọn bá wà níkàlẹ̀, àwọn ni kí ẹ kọ́kọ́ kí. Ẹ dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àna yín, kí ẹ sì ní kí àwọn yòókù gba ìkíni tí adarí ètò ti kí wọn.

Ọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀ yẹn, ẹ yọ ọ́ pátápátá. Bí ẹbí rẹ̀ bá ti gbọ́ ọ, ẹni tó jẹ̀bi ni wọn á máa wá, wọn ò ní gbọ́ ọpẹ́ mọ́. Èyí tó tún burú jù ú lọ ni gbólóhùn bíi “àwọn tó yẹ kó ràn wá lọ́wọ́ kẹ̀yìn sí wa.” Ẹnì kan lábẹ́ tẹ́ǹtì á gbà pé òun ni ẹ ń pòwe mọ́. Sáà méjì tó kù ti tó.

Ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ni kí ẹ sọ, kì í ṣe bí ìyà ṣe pọ̀ tó. “Ìyà jẹ wá gan-an” ò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀, ẹ kàn ń wá àánú ni. Ẹ mú ohun kan pàtó fún sáà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì bi í léèrè ṣáájú bóyá ó fẹ́ kí ayé gbọ́ ọ. Wúrà tí obìnrin tà láti fi gbọ́ bùkátà lè jẹ́ èyí tí ìyá rẹ̀ fún un, kí ìyá náà má sì tíì mọ̀ pé kò sí mọ́!

Ẹ lè gbé e kalẹ̀ báyìí:

“Ìyá Ṣẹ́gun, ní 1997 mo fi ọmọ méjì sí ọ lọ́wọ́, mo lọ. Ọdún mẹ́ta lo fi ta aṣọ ní Ṣábọ̀, o san owó ilé-ìwé wọn, o sì kọ́ wọn kí wọ́n máa pè mí ní Dádì lórí fóònù, kí n má baà di àlejò sí wọn. Ní 2009, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Wàá ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé ní ìdájí, wàá gbé oúnjẹ síwájú mi kí àwọn ọmọ tó jí. O ò jẹ́ kí wọ́n fojú kékeré wò mí rí. Ẹ̀yin àna mi, ẹ ṣeun, ẹ kọ́ ọmọ kí ẹ tó fà á lé mi lọ́wọ́. Àṣàkẹ́, mo dúpẹ́.”

Ẹ fi oríkì tirẹ̀ rọ́pò Àṣàkẹ́, ẹ sì jẹ́ kó wà níparí bẹ́ẹ̀. Bí onígángan bá gbọ́ oríkì níbẹ̀rẹ̀, kíá ló máa gbà á lẹ́nu yín, àwọn èèyàn á dìde wá náwó, ọ̀rọ̀ yín ti tán nìyẹn. Kí ètò tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ fún olórí onílù pé kó má lu ohunkóhun títí á fi gbọ́ orúkọ yẹn. Lẹ́yìn náà, kó máa lù ú lọ bó ṣe wù ú.

Ní ti àwọn ọmọ, ẹ má túmọ̀ rẹ̀ lórí ìdúró. Ọ̀rọ̀ á di ìlọ́po méjì. Ẹ fi ìtumọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù wọn láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kí adarí ètò pè yín kété ṣáájú gígé kéèkì, kí wọ́n tó gbé oúnjẹ jáde, torí bí àwo bá ti ń lọ káàkiri, etí ò sí níbẹ̀ mọ́. Ìwé tí ẹ tẹ̀ ní lẹ́tà ńlá ni kí ẹ mú dání. Bí oòrùn bá mú, ojú fóònù kì í ṣeé kà.