Àgápè, fíléò àti ìfẹ́: kí la máa kọ sí Yorùbá?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o sà. Wọ́n ní kí n túmọ̀ ìwé ẹ̀kọ́ Bíbélì ìjọ wa láti Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá. Ibi tí mo há sí ni Jòhánù orí 21, ìwé yẹn ní Jésù ń sọ àgápè, fíléò ni Pétérù fi ń dáhùn, ó wá to érọ̀ọ̀sì àti sitọ́gè tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì fún ìfẹ́ ni gbogbo wọn, "ìfẹ́" náà sì ni mo ń rí kọ. Ọ̀rọ̀ wo ni kí n fún ọ̀kọ̀ọ̀kan?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ náà. Ẹ má wá ọ̀rọ̀ mẹ́rin fún mẹ́rin o, torí Gíríìkì inú Bíbélì fúnra ẹ̀ ò pín wọn báyẹn. Érọ̀ọ̀sì, ìyẹn ìfẹ́ ọkùnrin sóbìnrin, ò sí nínú Májẹ̀mú Tuntun rárá, sitọ́gè, ìyẹn ìfẹ́ ẹbí, náà ò dá dúró níbẹ̀, inú ọ̀rọ̀ míì ló fara pamọ́ sí, bíi Róòmù 1:31 níbi tí Pọ́ọ̀lù ti ń ka àwọn tí kò ní in mọ́ oníwà burúkú. Àgápè àti fíléò gan-an niṣẹ́ wà.

Ní Jòhánù 21:15 sí 17, ìgbà kìíní àti ìkejì, ọ̀rọ̀ àgápè ni Jésù fi béèrè, Pétérù fi fíléò dáhùn, nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta Jésù náà bọ́ sórí fíléò. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì Mímọ́ wa àtijọ́ rí i, ìdí nìyẹn tí Jésù fi ní "ìwọ fẹ́ mi" lẹ́ẹ̀mejì, tí Pétérù ń ní "mo fẹ́ràn rẹ", tí ẹ̀ẹ̀kẹta wá di "ìwọ fẹ́ràn mi". Iṣẹ́ tó dáa ni, àmọ́ lónìí, tẹ́nì kan bá ní òun fẹ́ lágbájá, ìgbéyàwó lọkàn èèyàn máa kọ́kọ́ lọ. "Ọlọ́run fẹ́ aráyé" ò ní wàhálà ní tiẹ̀ torí gbogbo wa ti mọ̀ ọ́n lórí láti kékeré, ṣùgbọ́n ẹ má kọ irú ẹ̀ tuntun sínú ìwé yín.

Ṣé ìyàtọ̀ yẹn tiẹ̀ wà lóòótọ́? Wọ́n sábà máa ń wàásù pé àgápè ni ìfẹ́ Ọlọ́run, fíléò sì jẹ́ ti èèyàn lásán. Ẹ wò ó, Jòhánù 3:35 ní Baba fẹ́ràn Ọmọ, àgápè ló lò, 5:20 sọ ohun kan náà, fíléò ló lò níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ ẹ̀yìn tí Jésù fẹ́ràn, àgápè ni ní 13:23, fíléò ni ní 20:2. Nínú Májẹ̀mú Láéláé tí wọ́n túmọ̀ sí Gíríìkì láyé àtijọ́, ohun tí Ámúnónì ní sí Támárì kó tó fipá bá a lò, àgápè ni wọ́n pè é! Àti pé nínú ẹsẹ mẹ́ta yẹn náà, Jòhánù ń pààrọ̀ ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí "mọ̀", ó ń pààrọ̀ èyí tó ní kó bọ́ àgùntàn, ó tún ń pààrọ̀ "àgùntàn" fúnra ẹ̀. Bó ṣe máa ń kọ̀wé nìyẹn. Lójú tèmi, ohun tó ba Pétérù nínú jẹ́ ni pé wọ́n bi í lẹ́ẹ̀kẹta, òun tó sẹ́ Jésù lẹ́ẹ̀mẹta. Torí náà nínú ẹsẹ náà, "fẹ́ràn" ni kẹ́ ẹ lò látòkèdélẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìwé tẹ́ ẹ̀ ń túmọ̀ kì í ṣe tiyín, orí ìyàtọ̀ yẹn ni òǹkọ̀wé kọ́ ẹ̀kọ́ ẹ̀ lé, ẹ ò lè yọ ọ́ kúrò. Níbi àlàyé, ẹ fi àgápè àti fíléò sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ wá túmọ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan péré: àgápè, ìfẹ́ tó ń wá ire ẹlòmíì, fíléò, ìfẹ́ tó ń mú kí ọkàn èèyàn fà mọ́ ẹnì kan. Ẹ má kọ "mo fẹ́ràn rẹ bí ọ̀rẹ́" sí Pétérù lẹ́nu, torí ó máa dà bíi pé ó ń dín in kù. Fíléò kì í ṣe ọ̀rọ̀ tútù, òun náà ni wọ́n lò fún ìfẹnukonu nígbà tí Júdásì ń ṣètò àmì ní Máàkù 14:44. Tí òǹkọ̀wé bá fa ìyàtọ̀ náà yọ, ẹ kọ ọ́ báyìí: "Símónì, ṣé o fẹ́ràn mi?" "Bẹ́ẹ̀ ni Olúwa, o mọ̀ pé ọkàn mi fà mọ́ ọ."

Ní ti érọ̀ọ̀sì, mo rí i táwọn kan ń kọ "ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́", ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ṣe é. Ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ti di orúkọ ẹ̀ṣẹ̀ létí onígbàgbọ́, ẹ sì máa fi í ba ìfẹ́ tọkọtaya jẹ́. "Ìfẹ́ ọkùnrin sóbìnrin" tó. Sitọ́gè, "ìfẹ́ ẹbí" ni kẹ́ ẹ kọ, torí "ìfẹ́ abiyamọ" dùn létí lóòótọ́ ṣùgbọ́n ti òbí sí ọmọ nìkan ló gbà, sitọ́gè sì kan tọmọ sí òbí náà.

Tẹ́ ẹ bá parí ojú ìwé yẹn, ẹ kà á fún màmá àgbàlagbà kan tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kẹ́ ẹ bi í pé kí ni Pétérù fi dá Jésù lóhùn. Tí màmá bá ní Pétérù ò fẹ́ràn Jésù dáadáa, ẹ padà lọ tún "fíléò" yín ṣe.