Í-Meèlì Àkọ́kọ́ sí Ilé-Iṣẹ́ tí A Kò Mọ Òwò Rẹ̀ Dunjú

Ìbéèrè: Ìwé ìlànà ìlò ẹ̀rọ ni mo ń kọ fún àwọn ilé-iṣẹ́. Mo fẹ́ kọ í-meèlì sí ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe ẹ̀rọ amúǹkandì ńláńlá, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni mo mọ̀ nípa òwò wọn. Kí ni kí n kọ tí wọn kò fi ní rò pé ṣe ni mo kàn ń fọ́n í-meèlì ká?

Ìdáhùn: Ẹ má ṣe díbọ́n pé ẹ mọ òwò wọn. Gbólóhùn bíi “ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbóríyìn fún iṣẹ́ takuntakun yín” ló tètè ń tú àṣírí ẹni tó kọ ọ́, nítorí pé kò sí ilé-iṣẹ́ tí a kò lè fi ránṣẹ́ sí láì yí ọ̀rọ̀ kan padà. Ohun tí ẹ nílò ni ohun kan ṣoṣo tó jẹ́ òótọ́, tí ẹ fi ojú ara yín rí, tó sì kan iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ bá wọn ṣe.

Bí ẹ bá fara balẹ̀, kò yẹ kí wíwá a gbà ju ìdajì wákàtí lọ. Ẹ má ṣe pẹ́ lójú ewé tí wọ́n ti ń sọ ìtàn ara wọn lórí ìkànnì wọn. Ibi tí wọ́n ti ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀ ni kí ẹ lọ, ìyẹn ìwé ìlànà tí wọ́n gbé síbẹ̀, ewé ìbéèrè tí àwọn ènìyàn máa ń béèrè, àti ìpolówó ààyè iṣẹ́. Mo fẹ́ràn ìpolówó ààyè iṣẹ́ gan-an, torí pé ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ ti máa ń fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kò ká.

Ká ní ẹ rí i pé gbólóhùn kan péré ni ìwé ìlànà wọn sọ lórí bí a ṣe ń yọ yìnyín tó dì mọ́ inú ẹ̀rọ, pé ìbéèrè mẹ́ta lórí ewé ìbéèrè dá lé ọ̀rọ̀ yìí kan náà, àti pé wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa dá oníbàárà lóhùn lórí fóònù. Ó lè wù yín láti kọ ọ́ pé ìwé wọn kò yé àwọn oníbàárà, ṣùgbọ́n ẹ kò tíì mọ ìyẹn. Ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀yà ara ẹ̀rọ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè fún. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí, kí ẹ sì fi èyí tó kù ṣe ìbéèrè:

Àkọlé: Ìbéèrè kan lórí yíyọ yìnyín nínú ìwé ìlànà yín

“Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Mo rí i pé gbólóhùn kan ni ìwé ìlànà ẹ̀rọ yín sọ lórí yíyọ yìnyín, bẹ́ẹ̀ ìbéèrè mẹ́ta ló wà lórí rẹ̀ lórí ìkànnì yín. Ìwé ìlànà ìlò ẹ̀rọ ni iṣẹ́ mi, n kò sì tíì bá ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ amúǹkandì ṣiṣẹ́ rí. Ṣé ọ̀rọ̀ yìí wà lára ohun tí àwọn oníbàárà ń pè yín lé lórí? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, mo lè tún apá náà kọ ní ojú ewé kan kí ẹ wò ó. Bí kò bá sì kàn yín, ẹ sọ fún mi, n kò ní kọ̀wé mọ́.”

Ẹ kíyè sí i pé ẹni tó ka ìbéèrè yẹn lè fi gbólóhùn kan dá a lóhùn láì dìde lórí àga. Bí ẹ bá ní kí àjèjì fún yín ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láti pàdé, ẹrù ni ẹ gbé lé e lórí kó tó mọ̀ yín. Ìjẹ́wọ́ pé ẹ kò bá irú wọn ṣiṣẹ́ rí kò sì ba nǹkan jẹ́, nítorí ohun tí ẹ rí nínú ìwé wọn ti fi hàn pé ẹ mọ iṣẹ́ tiyín.

Orúkọ yín ní kíkún àti àdírẹ́sì yín ni kó wà nísàlẹ̀. Ẹ má ṣe so fáìlì mọ́ ọn, torí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ṣí fáìlì tí àjèjì bá fi ránṣẹ́. Ẹ má sì kọ “Re:” sí iwájú àkọlé bí ẹni pé ẹ ti jọ ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀. Òfin í-meèlì ìṣòwò tí Amẹ́ríkà ṣe ní 2003 ka àkọlé ẹ̀tàn léèwọ̀. Bí ẹ bá lè rí orúkọ ẹni tó ń bójú tó ìtọ́jú oníbàárà, òun ni kí ẹ kọ ọ́ sí dípò àpótí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “info@”. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá láìsí èsì, ẹ fi gbólóhùn méjì rán an létí lẹ́ẹ̀kan, lábẹ́ í-meèlì àkọ́kọ́ yẹn, kí ẹ sì fi í sílẹ̀.

Bí wọ́n bá fèsì pé yìnyín kọ́ ni ìṣòro wọn, pé bí a ṣe ń pààrọ̀ rọ́bà ẹnu ìlẹ̀kùn ni àwọn ènìyàn ń béèrè jù, ẹ má ṣe kà á sí ìkọ̀sílẹ̀. Wọ́n ti sọ ohun tí ìkànnì wọn kò sọ fún yín, ẹ sì lè fi rọ́bà ẹnu ìlẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ í-meèlì kejì.